Ọ̀sán Tí Fóònù Báńkì Àpapọ̀ Dún

Ní àwọn ọdún tí wọ́n ń fẹ òpópónà màrosẹ̀ Lẹ́kí lójú, ibi tí katapílà ti ń hú ilẹ̀ kò jìnnà rárá sí yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Láti òwúrọ̀ ni eruku pupa ti máa ń bo gíláàsì fèrèsé wa, débi pé iná iwájú nìkan ni a máa ń rí lára àwọn ọkọ̀ tí ó ń lọ sí Ajah. Inú yàrá náà tutù, ó sì dákẹ́. Iṣẹ́ wa ni láti máa ra dọ́là kí a sì máa tà á, fún báńkì tí ó gbà wá síṣẹ́ àti fún àwọn oníbàárà rẹ̀ tí ó ń kó ọjà wọlé láti òkè òkun. Èmi ni mo kéré jù níbẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni, mo sì gbà pé mo ti mọ ohun tí owó jẹ́.

Púpọ̀ nínú ìbínú tí mo fi ń kọ̀wé lónìí, inú yàrá yẹn ni mo ti kó o. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni mo ti rí ohun kan tí ó mú kí n dákẹ́, ohun tí ó tóbi débi pé mo ń wò ó bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú dé etí òkun.

Fóònù kan wà lórí tábìlì ọ̀gá wa tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi pe ará ilé rẹ̀. Báńkì àpapọ̀ nìkan ni ó ń pè é. Báńkì àpapọ̀ ni ó ń tẹ náírà, òun náà ni ó sì ń tọ́jú dọ́là tí orílẹ̀-èdè wa fi pamọ́. Ìpè náà ní àṣà tirẹ̀. Ẹni tí ó pè kì í sọ bóyá ó fẹ́ rà tàbí ó fẹ́ tà. Yóò dárúkọ iye dọ́là tí ó ní lọ́kàn, yóò sì béèrè iye wa. Ẹni tí ó gbé fóònù gbọ́dọ̀ dá iye méjì lóhùn lójú ẹsẹ̀: iye tí òun yóò fi ra dọ́là kọ̀ọ̀kan, àti iye tí òun yóò fi tà á, èyí tí ó máa ń fi díẹ̀ ga ju ti rírà lọ. Bí ẹni tí ó pè bá fẹ́ rà, yóò ní, "Tèmi ni." Bí ó bá fẹ́ tà, yóò ní, "Tiyín ni." Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Kò sí àyè láti sọ pé àṣìsọ ni. Nítorí pé o kò mọ apá ibi tí ó ń lọ, o kò lè fi iye rẹ rẹ́ ẹ jẹ. Bí o bá gbé e ga jù, yóò tà fún ọ. Bí o bá fà á wálẹ̀ jù, yóò rà lọ́wọ́ rẹ.

Obìnrin ni ó máa ń pè. A kò rí i rí. A kò mọ̀ bóyá ó ga tàbí ó kúrú, bóyá àgbà ni tàbí ọ̀dọ́. Ohùn ni a ń pè é láàárín ara wa, nítorí pé ohùn rẹ̀ nìkan ni a ní.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tí Ohùn ń tà, nítorí pé inú mi kò dùn rí sí bí àwọn akọ̀ròyìn wa ṣe máa ń sọ ọ́, bí ẹni pé àpótí idán kan wà tí àwọn olè jókòó lé lórí. Nígbà tí a bá ta epo rọ̀bì, dọ́là ni wọ́n fi ń san án. Báńkì àpapọ̀ yóò gba dọ́là náà, yóò fún ìjọba ní náírà tí ó tó o, yóò sì fi dọ́là pamọ́ sí òkèèrè. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, owó epo já wálẹ̀ lójijì ní ọjà àgbáyé. Dọ́là tí ó ń wọlé dín kù, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń fi dọ́là ra àlìkámà, oògùn, ẹja dídì àti ẹ̀rọ kò dín kù. Gbogbo wọn ń lé ìwọ̀nba kékeré kan náà, náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Nígbà náà ni báńkì àpapọ̀ ṣí ìpamọ́ rẹ̀, tí ó ń ta nínú rẹ̀ fún àwọn báńkì kí àwọn tí ó ń wá dọ́là má baà máa fi owó lé ara wọn sókè.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Náírà ni a fi ń san owó dọ́là tí ó bá tà fún wa. Náírà yẹn yóò padà sínú báńkì àpapọ̀, kò sì ní sí nígboro mọ́. Bí dọ́là ti ń jáde ni náírà ń wọlé, tí náírà yóò sì máa gbẹ nínú gbogbo báńkì.

Mo rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Láti àárọ̀ ni iye dọ́là ti ń gun òkè lójú kọ̀ǹpútà wa. Fóònù dún, ọ̀gá wa dá iye méjì lóhùn, ó sì gbọ́ "Tiyín ni." Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì na ìka sí kọ̀ǹpútà kí n máa wò. Iye tí ó ń gòkè náà dúró. Kò pẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálẹ̀, díẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ohùn ti ń pe àwọn báńkì yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ méjì kan náà fún wọn. Mo ronú nípa àwọn tí kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni sọ ohunkóhun: ẹni tí ó fẹ́ ra ìrẹsì ní Ìlasàn, ẹni tí ó ń dúró de oògùn ní Kánò. Iye tí wọn yóò san ti yí padà lórí ahọ́n obìnrin kan. Orí mi wú.

Ọ̀gá wa kò ní orí tí ó ń wú. Ọlọ́gbọ́n ni, ó kàwé ní òkè òkun, ilé rẹ̀ sì wà nínú VGC, àdúgbò àwọn olówó, lẹ́yìn géètì àti sẹ̀kíúrítì. Ó ti ṣàkíyèsí pé àárọ̀ nìkan ni Ohùn máa ń pè, ní wákàtí kan náà, pẹ̀lú ìwọ̀n kan náà. Nítorí náà ó wéwèé. Láàárọ̀ ni yóò ra dọ́là tí báńkì àpapọ̀ tà, iye tí ó ti rọ̀ díẹ̀, yóò sì mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dání de ọjọ́ tí náírà yóò tún ṣubú. Òun nìkan kọ́ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Owó tí gbogbo ìlú fi pamọ́ de ọjọ́ ìṣòro ń wọ inú àpò àwọn tí ó ń fi ìṣòro náà ṣòwò. Mo sọ fún un pé àwọn oníbàárà tí ìwé wọn ti pé ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbà á. Ó bi mí pé ṣé báńkì àpapọ̀ ni ó ń san owó oṣù mi ni. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, mo sì gbé ojú mi sórí kọ̀ǹpútà.

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà tí mò ń sọ náà ni obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá. Ọmọ Ajah ni, láti ìdílé apẹja kan tí ó ti wà létí ọ̀sà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ọ̀nà màrosẹ̀ yóò gba ibẹ̀ kọjá. Àwọ̀n ìpẹja àti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni ó ń tà. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, tí ó bá sì ti ilé àdúrà wá, yóò wọ báńkì wa pẹ̀lú aṣọ funfun gbàgẹ̀rẹ̀ àti ẹsẹ̀ lásán, tí sẹ̀kíúrítì yóò máa bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jọ̀wọ́ wọ bàtà. Ìyá yóò ní kí ó fọkàn balẹ̀, pé ilẹ̀ báńkì kò le tó ti Ajah.

Òwò Ìyá ní àṣà kan tí ó jogún lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Kí àkókò ìpẹja tó dé, àwọn apẹja láti àwọn abúlé etí ọ̀sà yóò wá san owó ẹ́ńjìnnì wọn tán pátápátá. Ìyá yóò dárúkọ iye kan ṣoṣo. Bí ó bá ti dárúkọ rẹ̀, kò ní fi kún un, bí ọjà tilẹ̀ gbówó lórí kí ó tó gúnlẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo òwò rẹ̀ dúró. Ẹni tí ó ta ọkọ̀ àtijọ́ rẹ̀ láti ra ẹ́ńjìnnì kò ní owó mìíràn tí yóò mú wá bí Ìyá bá padà ní kò tó.

Ní ọdún yẹn, ó ti gba owó àwọn apẹja, owó náà sì wà nínú àkáǹtì rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, náírà gbogbo rẹ̀. Dọ́là ni ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ń gbà, òfin sì ni pé ìwé ìkọ́jàwọlé rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba òǹtẹ̀ kí a tó lè ta dọ́là fún un. Ìgbà tí òǹtẹ̀ fi dé, náírà ti ń ṣubú. Iye tí ó kù díẹ̀ kí ó kọjá agbára owó rẹ̀ ni a ń rí lójú kọ̀ǹpútà. Bí ó bá kọjá rẹ̀, yálà kí Ìyá ra ẹ́ńjìnnì tí kò kárí, kí àwọn kan tí ó ti sanwó má rí gbà, tàbí kí ó yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ó jókòó síwájú mi ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ń dúró kí dọ́là kàn án, ó sì bi mí ní ìbéèrè tí kò sí olùkọ́ mi kan tí ó bi mí bẹ́ẹ̀ rí.

"Dọ́là tí wọ́n ń tà yìí, ṣé kànga ni wọ́n ti ń fà á?"

"A lè pè é bẹ́ẹ̀, mà."

"Òjò wo ló ń rọ sínú rẹ̀?"

Mo ní owó epo ni òjò rẹ̀, òjò náà sì ti dá. Ó ní kí n máa bá a lọ. Mo ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ ni ó ṣeé tà, nítorí pé wọ́n ti fi apá kan dúró fún gbèsè àti ọjà tí ìjọba ti rà sílẹ̀, apá kan sì jẹ́ owó tí ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀ jọ ni. Ó tún gbọ́dọ̀ ku èyí tí orílẹ̀-èdè yóò fi ra oúnjẹ àti oògùn fún oṣù mélòó kan bí kò tilẹ̀ sí dọ́là kankan tí ó wọlé. Mo sì sọ ohun tí ó ń já mi láyà jù: wọ́n máa ń kéde iye tí ó kù. Gbogbo ayé ń kà á. Bí ó bá ti dín kù, ẹni tí kò fẹ́ ra nǹkan kan láti òkèèrè yóò sáré wá ra dọ́là, nítorí pé ó ń bẹ̀rù pé ọ̀la kò ní sí. Ohun tí wọ́n kó jọ láti fi pa ẹ̀rù, bí wọ́n bá ti ń ná an, òun gan-an ni ó ń bí ẹ̀rù.

Ìyá gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ẹni tó ń fa omi yẹn fún yín, ó ń gbìyànjú o."

Ní ọjọ́ kejì, fóònù kò dún.

Wákàtí rẹ̀ tó, ó kọjá. Ọ̀gá wa wo fóònù, ó wò wá. Àwọn báńkì yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn láti bi ara wọn bóyá Ohùn ti pè wọ́n. Kò pe ẹnì kankan. Kò pẹ́ tí iye dọ́là fi gbéra. Kò gun òkè mọ́ bí ẹni tí ó ń gun àtẹ̀gùn. Ó ń fò. Ọ̀gá wa ní ọwọ́ wọn ti ṣófo, pé òun ti mọ̀ pé ọjọ́ yìí yóò dé. Ó yá náírà lọ́wọ́ àwọn báńkì mìíràn, gbèsè tí a máa ń dá padà ní ọjọ́ kejì, ó sì fi ra dọ́là kún èyí tí ó ti kó jọ. Mo rí bí ó ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá dé ní kété lẹ́yìn náà. Tẹlifíṣọ̀n kan wà ní gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ tí ó ń fi iye dọ́là hàn, ó sì ti rí i kí n tó sọ̀kalẹ̀ lọ bá a. Iye náà ti kọjá agbára owó rẹ̀. Kò sunkún, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó ní kí n bá òun ra èyí tí owó náà bá tó, pé òun yóò lọ bá àwọn tí kò bá ní rí gbà fúnra òun. Mo gbé fọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ bá ọ̀gá wa, ó sì kọ̀ láti fọwọ́ sí i. Kò fẹ́ ta dọ́là kan ní ọjọ́ tí ó ń fò. Ó ní kí n sọ fún ìyá aláṣọ funfun kí ó lọ gbàdúrà sí i, kí ó padà wá lọ́la.

Ọ̀la túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì náà yóò tún dín. Mo sọ fún Ìyá, ojú sì tì mí bí ẹni pé èmi ni mo kọ̀.

"Ó ní ọ̀la?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọ̀nà tí wọ́n ń gbẹ́ yìí, ta ló fẹ́ gbà á lẹ́ẹ̀mejì? N óò jókòó níbí dúró de ọ̀la."

Ó sì jókòó lóòótọ́, ó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí orúnkún.

Ọ̀sán ti pọ́n dáadáa nígbà tí fóònù tí kò dún rí ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀ dún. Ọ̀gá wa gbé e, ó sì fi sí orí agbóhùnjáde kí a lè gbọ́. Ohùn kí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ó ti máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni ó dárúkọ iye dọ́là tí ó ní lọ́kàn. Ó tóbi ju gbogbo èyí tí ó ń dárúkọ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yẹn wá. Ó béèrè iye wa.

Mo rí ọ̀gá wa tí ó rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tí ó rò, nítorí pé ó sọ ọ́ lẹ́yìn náà: ó gbà pé báńkì àpapọ̀ kò ní nǹkan tí yóò tà mọ́, pé ó kàn ń yẹ ọjà wò ni, tàbí pé ó ń bọ̀ wá rà padà. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá ti ń gbọ́ fóònù ní wákàtí kan náà fún ìgbà pípẹ́ nìkan ni ó lè ṣe é. Láti fi hàn pé kò bẹ̀rù, ó gbé iye méjèèjì ga gan-an, ti rírà àti ti títà.

Ohùn kò tilẹ̀ mí.

"Tiyín ni," ó ní. "Ẹ ṣeun."

Ó ti gbé fóònù sílẹ̀. Ojú ọ̀gá wa kò kúrò lára agbóhùnjáde náà. Gbogbo dọ́là yẹn ti di tirẹ̀, ní iye gíga tí ẹnu ara rẹ̀ pè, kí ilẹ̀ sì tó ṣú, báńkì àpapọ̀ yóò ti yọ náírà rẹ̀ kúrò nínú àkáǹtì wa. Náírà tí kò ní. Ó pe báńkì tí ó yá a lówó láàárọ̀. Wọ́n ní àwọn náà ń wá náírà. Ó pe òmíràn. Èlé tí wọ́n dárúkọ mú kí ó gbé fóònù jìnnà sí etí. Ohùn ti lọ yí ká gbogbo wọn. Gbogbo ẹni tí ó kó dọ́là jọ ni ó ti rọ òmíràn lé lórí, ó sì ti fi owó tí wọn yóò san fa náírà gbogbo ìlú sínú àpò báńkì àpapọ̀. Òfin mìíràn sì tún wà, pé iye dọ́là tí báńkì kan lè mú sùn di ọjọ́ kejì ní ààlà, a sì ti kọjá ààlà náà.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Ẹni tí ó ń fi dọ́là pamọ́ láàárọ̀ ni ó ń bẹ ènìyàn pé kí ó wá rà á. Iye náà ń já bọ̀, kò dúró níbi tí ó ti gbéra láàárọ̀, ó kọjá ibẹ̀. Mo dìde dúró nítorí pé n kò lè jókòó wò ó. Mo ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa agbára ìjọba nínú ìwé, mo ti bú u nínú ìwé pẹ̀lú. N kò rí i rí kí ó rìn gba inú yàrá kọjá láìsí ariwo, láìsí ìbọn, pẹ̀lú ìkíni ọmọlúàbí.

Nígbà náà ni ọ̀gá wa bi mí bóyá ìyá aláṣọ funfun náà ti lọ. Òun ni ó ní náírà. Láàárọ̀, owó rẹ̀ ń yọ́ bí òrí nínú oòrùn. Ní ọ̀sán, ohun tí gbogbo báńkì ń wá ni ó jókòó lé lórí ní gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀. Ọ̀gá wa sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, mo tẹ̀ lé e.

"Ìyá, ẹ kú ìjókòó o."

"O ṣeun. Ṣé ọ̀la ti dé ni?"

Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun ti bá Ìyá rí dọ́là, ó sì dárúkọ iye kan.

"Iye àárọ̀ nìyẹn," Ìyá ní. Ó na ìka sí tẹlifíṣọ̀n. "Ojú mi kò kúrò lára rẹ̀ láti ìgbà tí o ti lé mi."

"Màmá, n kò lé yín."

"O ní kí n lọ gbàdúrà. Mo ti gbà á. Pe iye mìíràn."

Ó pe òmíràn. Ìyá mi orí. Ó pe òmíràn sí i, Ìyá ní òun ní ẹ́ńjìnnì láti rà, òun kò ní ọjọ́ láti fi ṣeré, kí ó bá òun pe iye tí ó wà níta ní ọjọ́ tí àwọn apẹja sanwó. Ọ̀gá wa ní kò ṣeé ṣe. Fóònù alágbèéká rẹ̀ dún; láti òkè ni, wọ́n ń béèrè náírà. Ó wo fóònù náà, ó wo Ìyá, ó pe iye tí Ìyá fẹ́ gan-an.

"Tiyín ni, Ìyá," ó ní, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ẹnu wa ti mọ́ ọn.

"Mo mọ̀ pé tèmi ni," Ìyá dáhùn, ó sì nawọ́ gba bírò lọ́wọ́ mi.

Gbogbo ẹ́ńjìnnì náà pé. Bí mo ti ń sìn ín lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó bi mí ta ni ó mú kí wọ́n wá máa bẹ òun. Mo ní obìnrin kan ni, ní báńkì àpapọ̀, tí n kò mọ̀ lójú. Ó dúró nínú eruku.

"Ọjọ́ tí o bá rí i, sọ fún un pé mo kí i."

Mo rí i. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí báńkì àpapọ̀ pe àwa tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà jọ sí gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan ní Lẹ́kí láti ka òfin tuntun fún wa. Obìnrin kúkúrú kan jókòó ní ìlà iwájú, ó wọ aṣọ tí ó rọrùn, n kò sì wò ó lẹ́ẹ̀mejì àfi ìgbà tí ó ní kí wọ́n bá òun fa omi wá. Ohùn ni. Nígbà tí a tú ká, mo lọ bá a, mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì jẹ́ iṣẹ́ tí Ìyá rán mi. Mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì fún un, àti bí Ìyá ṣe jókòó dúró de ọ̀la. Ó fetí sí i dé òpin.

"Ṣé gbogbo rẹ̀ pé?"

"Ó pé, mà."

"Inú mi dùn. Torí n kò lè ṣe irú rẹ̀ mọ́."

Mo bi í bóyá dọ́là ìpamọ́ ti tán ni. Ó ní kò tán, kò sì gbọdọ̀ tán, ìyẹn ni kò fi ní lè ṣe é mọ́. Ó ní nígbà tí a ti mọ wákàtí tí òun ń bọ̀, òun kọ́ ni òun ń tà á fún wa mọ́, àwa ni a ń gbà á lọ́wọ́ òun. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni òun gbà á padà lọ́wọ́ wa fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n epo kò tíì gbówó lórí. Bí ohun tí ó ń wọlé bá ti kéré sí ohun tí ó ń jáde, kò sí ọgbọ́n fóònù tí ó lè sọ ọ́ di púpọ̀. Náírà tí òun sì ń fà kúrò nígboro, bí òun bá fà á jù, àwọn tí kò ra dọ́là rárá ni kò ní rí owó yá láti fi ṣòwò.

"A kò dá ìṣubú náírà dúró," ó ní. "A kàn ní kó rọra máa bọ̀, kí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè sún kúrò."

Ó kí Ìyá padà, ó sì wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Bí ó ti wí ni ó rí. Ìwọ̀n tí ó ń dárúkọ lórí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í kéré sí i. Lẹ́yìn náà, báńkì àpapọ̀ sún ẹ̀yìn, ó jẹ́ kí náírà ṣubú dé ibi tí owó epo ti ń fà á lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì dáàbò bo èyí tí ó kù nínú ìpamọ́. Àwọn akọ̀ròyìn kan ní kí wọ́n da dọ́là síta títí náírà yóò fi dìde. Mo kọ ìwé láti dá wọn lóhùn, ìwé àkọ́kọ́ tí mo kọ sí gbangba nìyẹn, mo sì fi ìbínú kọ ọ́. Ìbínú mi kò mọ sọ́dọ̀ wọn. Mo bínú sí ọ̀gá wa àti irú rẹ̀, tí wọ́n jẹ lára omi kànga náà láàárọ̀ kí ó tó kan ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Mo bínú sí orílẹ̀-èdè tí ó fi gbogbo òjò rẹ̀ sórí ọjà kan ṣoṣo, tí ó wá ń béèrè lọ́wọ́ obìnrin kan àti fóònù kan pé kí ó gbà á là.

Kọ́ńténà Ìyá gúnlẹ̀ lẹ́yìn tí náírà ti ṣubú. Ó ránṣẹ́ pè mí ní òwúrọ̀ Sátidé kan sí etí ọ̀sà ní Ajah, níbi tí àwọn apẹja ti ń gba ẹ́ńjìnnì wọn. Iye tí wọ́n san kò tó iye tí wọ́n ń ta irú rẹ̀ ní ìgboro mọ́, kò tilẹ̀ súnmọ́ ọn, gbogbo wọn sì mọ̀. Ọkùnrin kan tí ó ti darúgbó fi ọwọ́ pa tirẹ̀ lára. Wọ́n ń dè é mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n ń fa okùn rẹ̀, èkíní dún, èkejì dún, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Mo dúró níbẹ̀, mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì tí Ohùn sọ nínú yàrá tútù yẹn, tí wọ́n ti di ariwo lórí ọ̀sà.

Mo jẹ́ iṣẹ́ Ohùn fún Ìyá. Mo sọ gbogbo ohun tí ó wí fún mi, títí kan pé kò lè ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ìyá gbọ́ ọ, ó sì ń wo àwọn ọkọ̀ tí ó ń lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò rà ní ọdún yẹn wá bá a, ó ní òun fẹ́ san ti ọdún tí ó ń bọ̀ sílẹ̀, kí Ìyá dárúkọ iye. Ó ti mú owó náà dání nínú ọ̀rá. Ìyá wò mí. Mo rántí pé Ohùn ní òun kò lè ṣe irú rẹ̀ mọ́, mo sì mi orí.

"Mú owó rẹ padà lọlé, ọmọ mi," ó sọ fún un. "Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá dé ni n óò dárúkọ iye."

Ọmọkùnrin náà rò pé ó ń ṣàwàdà. Ó dúró díẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà, ó sì ká ọ̀rá náà, ó fi sí abíyá. Ìyá bọ́ bàtà rẹ̀, ó wọ inú omi dé ọrùn ẹsẹ̀, ó di etí ọkọ̀ tí ó kẹ́yìn mú, ó sì bá wọn tì í.